Àwọn Tí À Ń Gbà Là: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gíríìkì Kan

Ọ̀rọ̀ ìgbàlà kì í tán lẹ́nu Kristẹni Yorùbá, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti gbilẹ̀ débi pé Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìjọ Àpósítélì ti Kristi láti Iléṣà, ọmọ Ìjọ Ìràpadà àti ọmọ Ìjọ Àgùdà lè jókòó yí tábìlì kan ṣoṣo ká níbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ gírámà. Onítẹ̀bọmi á ní ọjọ́ tí òun gba Jésù gbọ́ ni ìgbàlà òun ti parí, kò sì sí ohun tí ó lè gbà á lọ́wọ́ òun mọ́. Ọmọ Ìjọ Àpósítélì á ní ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un, yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgùdà tí àlùfáà rẹ̀ ti ń kọ́ láti kékeré pé a ti gbà wá là, a ń gbà wá là, a ó sì gbà wá là, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹsẹ Bíbélì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń fà yọ, tí olúkúlùkù á sì ní Gíríìkì rẹ̀ wà lẹ́yìn òun.

Ẹsẹ náà ni èyí tí ó kẹ́yìn nínú orí kejì ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì, ẹsẹ 47. Lúùkù ti ròyìn ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì tán, ó ti sọ bí Pétérù ṣe wàásù àti bí àwọn tí ó gbàgbọ́ ṣe ń jẹun pọ̀ tí wọ́n sì ń yin Ọlọ́run, ó wá fi ọ̀rọ̀ dí ibẹ̀ pé lójoojúmọ́ ni Olúwa ń fi àwọn kan kún wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Lúùkù fi júwe àwọn tí Olúwa ń fi kún wọn yìí, sosoménùsì, tí a fà yọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe sósò, èyí tí ó túmọ̀ sí kí a gba ènìyàn là. Ọ̀rọ̀ kan yìí ni àwọn atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀nà mẹ́ta tí kò bára mu túmọ̀: Bíbélì Ọba Jémíìsì ti ọdún 1611 sọ ọ́ di àwọn tí a óò gbà là, Májẹ̀mú Tuntun tí àwọn ará Ìlú Ọba tún ṣe ní ọdún 1881 sọ ọ́ di àwọn tí à ń gbà là lọ́wọ́, Bíbélì tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1901, tí ó jẹ́ àbúrò èyí ti ọdún 1881 gan-an, sì sọ ọ́ di àwọn tí a gbà là. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Lóòótọ́ àwọn ìwé náà kò fẹnu kò nípa bóyá ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìjọ wà nínú ẹsẹ náà tàbí kò sí, ṣùgbọ́n lórí sosoménùsì, ẹnu wọn kò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, síbẹ̀ ó yẹ kí a bèèrè bí ọ̀rọ̀ kan ṣe wá gba ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Houston kì í ṣe àjèjì sí irú ìbéèrè yìí. Láti ọdún 1950 títí di ọdún 2003 ni Robert B. Thieme kékeré, ọ̀gágun tí ó sìn nínú Ogun Àgbáyé Kejì kí ó tó kàwé ìsìn gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ Dallas Theological Seminary, fi jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Berachah ní ìlú náà. Iṣẹ́ tí ó sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣe ni pé kí ó máa tú Bíbélì láti inú Gíríìkì àti Hébérù ní ojú agbo, fún oníṣòwò, fún òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, fún ìyàwó ilé, kí ó máa sọ fún wọn bí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ nínú gírámà kí ó tó sọ ohun tí ó kọ́ni. A gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú téèpù, téèpù náà sì rìn dé ilé tí kò mọye. Ìgbàgbọ́ Thieme ni pé ìgbàlà ẹni tí ó gba Kristi gbọ́ kò lè sọnù láéláé, ọ̀pá tí ó sì sábà máa ń fi ti ìgbàgbọ́ náà lẹ́yìn ni gírámà: ibi tí ó bá ti rí aórísìtì, á ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ibi tí ó bá ti rí ibá aṣetán, á ní ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tí èrè rẹ̀ wà títí ayé ni. Mo gbóríyìn fún ọkùnrin náà nítorí pé ó fi ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń pamọ́ han àwọn ọmọ ìjọ lásán. Àṣà tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀, pé kí a dárúkọ ibá kan kí a sì rò pé a ti parí ẹjọ́, ni n kò bá a gbà.

Kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì ń sọ fún wa gan-an? Ìbéèrè yìí ni àwọn ìwé méjì kan gbé dìde lọ́tun ní bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ti Stanley Porter ní ọdún 1989 àti ti Buist Fanning ní ọdún 1990. Àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ohun tí ó jẹ ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì lógún jù lọ ni ojú tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fi wo ìṣẹ̀lẹ̀: bóyá ó wò ó láti inú, bí ohun tí ó ń lọ, tàbí ó wò ó láti òkèèrè, bí odindi kan. Ilé ẹ̀kọ́ tí Thieme ti jáde ní Dallas náà ni Fanning ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà kì í ṣe ọ̀tá ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ará ilé ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì yẹ kí ó nira fún Yorùbá bí ó ti nira fún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé bí èdè tiwa náà ti ń ṣe nìyẹn. Bí a bá ní "wọ́n ń jó," kò sí ohun tí ó sọ bóyá àná ni tàbí òní. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ fún wa. Gírámà wa sì ti mọ̀ pé àsìkò yàtọ̀ sí ibá ìṣẹ̀lẹ̀.

Sosoménùsì wà ní ibá atẹ́rẹrẹ, ojú inú ni a fi wò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó dá dúró; ó ti di ọ̀rọ̀ tí ń júwe ènìyàn, irú èyí tí a fi "àwọn tí" ṣe ní Yorùbá. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ní àsìkò tirẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Ara olórí ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn ni ó ti máa ń yá àsìkò. Olórí ọ̀rọ̀-ìṣe níhìn-ín ni èyí tí ó sọ pé Olúwa ń fi wọ́n kún àwọn yòókù, ohun tí ó ti kọjá, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí Lúùkù tún fi "lójoojúmọ́" tì lẹ́yìn. Bí a ti ń fi wọ́n kún àwọn yòókù ni a ń gbà wọ́n là. Àwọn ìṣe méjèèjì jọ ń rìn ni.

Pẹ̀lú ohun tí a ti sọ yìí, a lè wo àwọn tí ó kà á sí ọjọ́ iwájú. Ìtumọ̀ ọdún 1611 ti wọ etí àwọn tí ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ti yan àwọn ẹni tirẹ̀ ṣáájú ìpìlẹ̀ ayé, wọ́n sì rò pé ẹsẹ yìí fi ọwọ́ sí i pé Olúwa ń kó àwọn tí a ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ jọ. Níbo ni ọjọ́ iwájú yìí ti wọlé? Lójú tèmi, ọ̀nà Látìnì ni ó gbà wọlé. Látìnì kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè dúró fún irú ọ̀rọ̀ yìí, tí ń lọ lọ́wọ́, tí ẹlòmíràn sì ń ṣe é sí ènìyàn, nítorí náà nígbà tí Bíbélì Látìnì dé ibẹ̀, ó fi gbólóhùn kékeré rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn náà sí ipò tí Látìnì máa ń lò fún ohun tí a ń retí, tí a ń pète, tàbí tí a kàn fi ń júwe irú ènìyàn kan. Ẹni tí ó bá ti mọ Látìnì látọmọdé, bí gbogbo ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ti ṣe, lè gbọ́ ọjọ́ iwájú níbẹ̀ láìfura. Tyndale tí ó ṣáájú àwọn ti Ọba Jémíìsì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn Àgùdà ti Rheims náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1582, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ọ̀rọ̀ àyànmọ́ wọn kò jọ mu omi nínú kànga kan náà. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lòdì sí ìtumọ̀ yìí wà lọ́wọ́ Lúùkù fúnra rẹ̀. Ó mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe ọjọ́ iwájú júwe ènìyàn, ó sì lò ó nínú ìwé kan náà, orí 8 ẹsẹ 27, fún ará Etiópíà tí ó wá sí Jerúsálẹ́mù láti jọ́sìn. Bí ó bá fẹ́ ọjọ́ iwájú ní orí kejì, kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́.

Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kò sí nǹkan kan rárá lẹ́yìn àwọn tí ń wo iwájú. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 13 ẹsẹ 23, ẹnìkan bi Jésù bóyá díẹ̀ ni àwọn tí à ń gbà là, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó sì lò. Ìdáhùn Jésù sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn tí yóò tì àti àwọn tí yóò máa wá ọ̀nà àtiwọlé. Níbẹ̀, ìgbàlà tí ó wà níwájú ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń wò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn Jésù ni ó gbé ọjọ́ iwájú wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Àwọn tí ó kà á sí ohun tí ń lọ lọ́wọ́ ni ó sún mọ́ gírámà jù, àwọn ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn Bíbélì tí a túmọ̀ láti ọdún 1881 wá. Bíbélì Mímọ́ Yorùbá, ogún tí Àjàyí Crowther, Àjàyí ògídí olú, ọmọ Òṣoògùn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é fi sílẹ̀ fún wa, fi "ń" síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíbélì Ọba Jémíìsì wà lárọ̀ọ́wọ́tó àwọn atúmọ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni ibi tí oníwàásù kan ti máa ń fi "ń" yìí gbá àwọn ènìyàn rẹ̀ mú pé, ẹ kò rí i, ìgbàlà kì í parí láyé yìí, ojoojúmọ́ ni a ń gbà yín là, ẹni tí ó bá dúró, ó ti kú. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni ó ń kọ́ni o, ṣùgbọ́n ẹsẹ yìí kọ́ ni yóò fi kọ́ ọ. Bí a bá ní, "Wọ́n ń bímọ ní ilé ìwòsàn yẹn lójoojúmọ́," kò sí aláboyún kan tí ó ń rọbí láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì; ọmọ kọ̀ọ̀kan ni a bí lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ ni wọ́n pọ̀, ọjọ́ ni ó sì ń yí. "Ń" yẹn kò sọ bí ìbímọ kan ti pẹ́ tó. Lúùkù náà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì fi "lójoojúmọ́" sí i. Ó ṣeé ṣe kí ìgbàlà kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ohun ìṣẹ́jú kan, kí ó sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn ni ibá atẹ́rẹrẹ ń sọ. Ó tún ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé gírámà dákẹ́ lórí rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ẹsẹ tí ibá atẹ́rẹrẹ ti ní ìtumọ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí ó lọ sí ìwé Kọ́ríńtì Kìíní, orí 15 ẹsẹ 2, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará pé a ń gbà wọ́n là, tí ó sì so ó mọ́ "bí ẹ̀yin bá di ọ̀rọ̀ náà mú." "Bí" yẹn ni ó jẹ́ kí ẹsẹ náà wúwo, kì í ṣe ibá atẹ́rẹrẹ nìkan. Ohun tí àwọn Mẹ́tódíìsì àti àwọn Ìjọ Àpósítélì ń wá wà níbẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n fi ipá fa Lúùkù sínú rẹ̀.

Àwọn tí ó kà á sí ohun tí ó ti kọjá ni a sábà ń fojú di jù, bóyá nítorí pé ìtumọ̀ ọdún 1901 jọ bí ẹni pé ó kàn yẹra fún wàhálà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rí kan tí ó dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn Júù tí ń sọ Gíríìkì ti ní Májẹ̀mú Láéláé ní èdè náà kí a tó bí Jésù, ìtumọ̀ yìí ni Lúùkù sì mọ̀ dunjú. Nínú rẹ̀, bí wòlíì bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ogun, àwọn tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìparun, ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an ni a máa ń bá pàdé, bí ó ti rí nínú Àìsáyà orí 45 ẹsẹ 20, níbi tí ọ̀rọ̀ Hébérù rẹ̀ jẹ́ àwọn tí ó ti sá àsálà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti bọ́, ewu ti kọjá, síbẹ̀ ibá atẹ́rẹrẹ ni a fi pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ di orúkọ oyè: àwọn àṣẹ́kù, àwọn tí Ọlọ́run yọ.

Ẹ wá wo orí kejì ìwé Ìṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pétérù bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wòlíì Jóẹ́lì, ó sì dáwọ́ dúró ní ẹsẹ 21 pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe ọjọ́ iwájú, pé ẹni tí ó bá ké pe orúkọ Olúwa ni a óò gbà là. Kò ka ẹsẹ náà tán. Ohun tí ó kù nínú ẹsẹ Jóẹ́lì yìí, tí Pétérù fi sílẹ̀, ni pé ẹni tí a yọ yóò wà ní Síónì àti ní Jerúsálẹ́mù, pẹ̀lú àwọn tí Olúwa ti pè. Ọ̀rọ̀ tí Gíríìkì Jóẹ́lì sì lò fún ẹni tí a yọ yìí jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ ọ̀rọ̀ tiwa. Ní ẹsẹ 39, Pétérù sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ẹni tí Olúwa yóò pè. Ní ẹsẹ 40, ó lo aórísìtì láti pàṣẹ pé kí wọ́n gba ìgbàlà kúrò lọ́wọ́ ìran wíwọ́ yìí. Ní ẹsẹ 47, Lúùkù wá pe àwọn ará Jerúsálẹ́mù tí wọ́n gbàgbọ́ ní sosoménùsì. Bí Lúùkù ti parí ẹsẹ Jóẹ́lì tí Pétérù fi sílẹ̀ láìkà tán nìyẹn: ẹ wò wọ́n, àwọn tí a yọ ní Síónì nìyí. Ọjọ́ iwájú, àṣẹ, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ wà nínú orí kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, Lúùkù kò sì rí ìjà láàárín wọn, nítorí pé kì í ṣe ìgbà ni ó ń fi wọ́n kà, ìtàn ni ó ń fi wọ́n sọ.

Kí àwọn Onítẹ̀bọmi má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìjọ Àpósítélì nìkan ni mo ń ju òkò sí. Bí Lúùkù bá ṣe olórí-kunkun fún wọn, Éfésù orí 2 ẹsẹ 8 ni wọ́n máa ń sá lọ, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti lo ibá aṣetán, tí Thieme àti ọ̀pọ̀ tí ó tẹ̀lé e sì sọ pé ó túmọ̀ sí ìgbàlà tí kò lè yẹ̀ mọ́ títí láé. Ibá aṣetán ń sọ pé ipò kan wà nísinsìnyí láti ara ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀; bí ipò náà yóò ti pẹ́ tó, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ. Nínú Máàkù orí 11 ẹsẹ 4, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bá ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ibá aṣetán ni "tí a so" yẹn wà. Nínú ẹsẹ kan náà ni wọ́n sì tú u. Aórísìtì ńkọ́? Frank Stagg, ọ̀jọ̀gbọ́n Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó lókìkí ní ọdún 1972 nípa bí a ti ń lo aórísìtì nílòkulò, pé kì í sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rárá. Jòhánù orí 2 ẹsẹ 20 tó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣiyèméjì: aórísìtì ni àwọn Júù fi sọ pé a kọ́ tẹ́ḿpìlì, wọ́n sì fi ọdún 46 kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi lórí ẹsẹ 47 nìyí: "àwọn tí à ń gbà là" ni ìtumọ̀ tí ó tọ́, ọjọ́ iwájú ti ọdún 1611 kò tọ́, ìtumọ̀ ọdún 1901 sì mú nǹkan kan lọ́wọ́ tí a kò gbọdọ̀ jù nù, pé orúkọ ni Lúùkù ń pe àwọn ènìyàn náà. Ṣùgbọ́n bóyá ẹni tí a gbà là lè ṣègbé, àtàrí àjànàkú ni ìbéèrè yẹn, kì í ṣe ẹrù tí a lè gbé ka orí ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Bíbélì ní Houston tàbí ní Ìbàdàn, bí ẹnìkan bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "Gíríìkì rẹ̀ ní," ẹ bi í pé kí ni olórí ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn náà, ẹ bi í bóyá ẹnìkan ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí ọ̀pọ̀, ẹ sì bi í kí ni ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ń sọ. Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ ṣí Jòhánù orí 10 àti Hébérù orí 6, níbi tí a ti sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn yín láti ibẹ̀.